Káàdì kọ̀ nílẹ̀ òkèèrè: ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó tì í

Ẹ ti dé òkèèrè, owó wà nínú àkáǹtì, ẹ fi káàdì sínú POS, ó yí díẹ̀, ó gbé "Declined" jáde. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ni pé kẹ́ ẹ yọ káàdì yẹn kúrò kẹ́ ẹ sì dúró ná. Ẹni tó ń tajà máa ní kẹ́ ẹ tún un fi sí i, èrò tó wà lẹ́yìn yín á máa mí kanlẹ̀, ara yín náà á sì ti gbóná, ṣùgbọ́n ẹ má tẹra mọ́ ọn. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ jìbìtì ní bánkì máa ń ka iye ìgbà tí káàdì kọ̀, káàdì tó kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìlú àjèjì, bí olè tó ń dán káàdì wò ló ṣe máa rí lójú ẹ̀, nígbà náà wàhálà kan á wá di méjì. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ lè tún un ṣe, tó bá jẹ́ pé ńṣe lẹ kàn fi káàdì kan ojú ẹ̀rọ lásán níṣàájú, ẹ wá ki ojú ṣíìpù bọ inú ẹ̀rọ kẹ́ ẹ sì tẹ píìnì. Tó bá tún kọ̀, ó tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ni pé káàdì tówó wà nínú ẹ̀ tó sì ń kọ̀ lókè òkun, ẹni méjì ló sábà máa ń tì í. Ẹnì kìíní ni ẹ̀yin fúnra yín, nítorí bọ́tìnnì kan wà nínú áàpù bánkì yín tó sọ pé káàdì yìí ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn odi Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ bánkì ló jẹ́ pé pípa ni wọ́n ń pa bọ́tìnnì yẹn kí wọ́n tó kó káàdì fún èèyàn, ẹ lè máà fọwọ́ kàn án rí láyé yín. Ẹnì kejì ni ẹ̀rọ bánkì tó rí i pé káàdì tó ń ra ẹja ní Mushin lánàá ti ń ra aṣọ ní Istanbul lónìí, ó fura, ó dá a dúró. Ti àkọ́kọ́, ẹ̀yin lẹ máa ṣí i pẹ̀lú ọwọ́ ara yín. Ti ìkejì, kò sí bọ́tìnnì tẹ́ ẹ máa tẹ̀, àfi kẹ́ ẹ bá èèyàn sọ̀rọ̀ ní bánkì. Ẹni tí kò bá mọ èyí tó kan òun, á kàn máa pe bánkì lórí ohun tó yẹ kó fi ìṣẹ́jú méjì tún ṣe, tàbí kó máa tan bọ́tìnnì kó máa pa á nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ tó fura ò tiẹ̀ wo ibẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́

Ẹ gba rìsíìtì, àní bó tiẹ̀ jẹ́ pé ó kọ̀. Ọ̀pọ̀ POS ló máa ń tẹ ìwé jáde tí nọ́ńbà méjì kan á wà lórí ẹ̀, nígbà míì á kọ "RC" tàbí "Response code" síwájú ẹ̀. Tó bá jẹ́ 57, ó ń sọ pé wọn ò gba káàdì yìí láyè irú ìnáwó yẹn, bọ́tìnnì pípa ló sábà máa ń gbé e jáde. Tó bá jẹ́ 59, wọ́n fura sí jìbìtì. 51 ni pé owó ò tó, 61 ni pé ẹ ti kọjá gbèdéke, 91 sì ni pé bánkì yín ò dáhùn rárá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, ẹ jókòó díẹ̀ kẹ́ ẹ padà wá. Èyí tó ń dààmú èèyàn jù ni 05, torí pé ohun tó ń sọ kò ju "bánkì ní rárá" lọ, kò sọ ìdí. Bánkì míì sì wà tó jẹ́ pé 05 ló máa ń fi dáhùn sí gbogbo nǹkan, kódà tó bá jẹ́ bọ́tìnnì ni ẹ ò tàn. Nítorí náà ẹ má fi kóòdù yẹn nìkan dájọ́.

Ohun tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù kóòdù lọ ni ìbéèrè kan: látìgbà tẹ́ ẹ ti balẹ̀ sí ìlú yìí, ṣé káàdì yìí ti ṣiṣẹ́ níbì kankan rí? Tí kò bá tíì ṣiṣẹ́ rárá, ó kọ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú, ó kọ̀ nídìí ATM, ó kọ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì, bọ́tìnnì ni ẹ kọ́kọ́ wò. Tó bá jẹ́ pé ó ti ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó di pé ó dákẹ́, bọ́tìnnì ti wà ní títàn nìyẹn, ìfura ni, tàbí gbèdéke. Ẹ̀kejì tó tún ṣe pàtàkì: tó bá ń ṣiṣẹ́ ní POS ṣùgbọ́n tí ATM ò gbà á, bọ́tìnnì ló sábà máa ń jẹ́, torí pé ọ̀tọ̀ ni bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan wọn. Tí ẹ̀rọ bánkì bá fura sí yín, gbogbo ọ̀nà ló sábà máa ń dí pa pọ̀.

Ẹ tún yẹ ojú káàdì wò o. Tó bá jẹ́ Verve ló wà lára ẹ̀, ẹ má da ara yín láàmú, Nàìjíríà gan-an ni wọ́n ṣe é fún, ìwọ̀nba ibi díẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ níta. Visa tàbí Mastercard lẹ nílò. Tó bá sì jẹ́ káàdì náírà ni, ẹ rántí pé lọ́dún 2022 tí dọ́là wọ́n, àwọn bánkì kọ́kọ́ gé gbèdéke ẹ̀ sí 20 dọ́là lóṣù, nígbà tọ́dún sì máa fi parí, àwọn kan ti dá a dúró pátápátá. Ní 2025, àwọn kan tún ṣí i padà pẹ̀lú gbèdéke. Tí bánkì yín bá wà lára àwọn tí kò tíì ṣí i, kò sí bọ́tìnnì tó máa ṣiṣẹ́, káàdì dọ́là tó so mọ́ àkáǹtì dọ́ọ̀mù lẹ máa lò.

Tó bá jẹ́ bọ́tìnnì

Ẹ wá wáìfáì, ẹ ṣí áàpù bánkì yín, ẹ wọ ibi tí wọ́n kó ọ̀rọ̀ káàdì sí. Áàpù kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ tó fún un, ẹ máa rí nǹkan bíi "Cards", "Manage card" tàbí "Card control". Ẹ mú káàdì gan-an tó kọ̀ o, torí pé ẹni tó ní káàdì mẹ́ta lè tan ti èyí tó wà nílé. Níbẹ̀ lẹ ti máa rí "International", ẹ tàn án.

Ẹ má tíì jáde. Ibí yìí ni èèyàn pọ̀ tó ń kọsẹ̀: wọ́n ti tan "International", inú wọn ti dùn, wọn ò mọ̀ pé nísàlẹ̀ ibẹ̀ bọ́tìnnì mẹ́ta míì tún wà, ATM, POS àti Web. Ẹni tó fi káàdì ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú láti ilé, Web ló tàn nígbà yẹn, káàdì ṣiṣẹ́, ó gbà pé káàdì òun ti ṣí fún òkè òkun, ó dé ọ̀hún tán ló rí i pé POS ṣì wà ní pípa. Àwọn áàpù míì tún máa ń béèrè orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ̀ ń lọ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa parí, ẹ fi ọjọ́ méjì mẹ́ta lé ọjọ́ tẹ́ ẹ̀ ń padà, torí ọkọ̀ òfúrufú lè sún ọjọ́ síwájú. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa sọ̀kalẹ̀ ní ìlú kan lójú ọ̀nà, ẹ fi ìlú yẹn náà sí i, oúnjẹ tẹ́ ẹ máa rà ní pápákọ̀ níbẹ̀, ìlú yẹn ló máa jẹ́ lójú bánkì, kì í ṣe ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ.

Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, áàpù lè ní òun ti fi kóòdù ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Tí síìmù Nàìjíríà yín ò bá sí lórí róómíìnì, kóòdù yẹn ò ní dé, ẹ ò sì lè tan nǹkan kan, ẹ máa kàn jókòó máa wo áàpù ni. Mo máa padà sórí èyí. Tó bá ti gbà, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ wá ra nǹkan kékeré bí omi tàbí tíì láti fi dán an wò kẹ́ ẹ tó lọ san owó ńlá.

Tó bá jẹ́ pé bánkì ló fura

Ẹ wo fóònù yín kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Bánkì míì ti fi ìbéèrè ránṣẹ́ nínú áàpù tàbí lórí tẹ́ẹ̀sì, ó ń bi yín pé ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń náwó yìí, ẹ kàn dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, ó parí. Ṣùgbọ́n àkókò yìí gan-an làwọn oníjìbìtì náà fẹ́ràn. Tẹ́ẹ̀sì tó bá ní kẹ́ ẹ tẹ líǹkì láti ṣí káàdì, ẹ pa á rẹ́. Ẹni tó bá pè yín tó ní òun wá láti bánkì tó wá ń béèrè píìnì, nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn káàdì tàbí kóòdù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹ já fóònù. Bẹ́ẹ̀ náà ni tẹ́ ẹ bá lọ pariwo bánkì lórí X pé káàdì yín kọ̀, kí ẹ tó ṣẹ́jú, àwọn tó fi àmì bánkì ṣe fọ́tò á ti máa fèsì pé kẹ́ ẹ wá sínú DM. Ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ pe bánkì, kẹ́ ẹ sì pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì.

Nọ́ńbà yẹn náà ní ìyọnu tiẹ̀. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0700, Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ṣe é fún, kì í sábà lọ láti òkè òkun. Èyí tó ní +234 lẹ máa pè, tó bá sì jẹ́ nọ́ńbà lásán tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo, ẹ yọ òdo yẹn kẹ́ ẹ tó fi +234 síwájú ẹ̀. Ìpè róómíìnì wọ́n gan-an, wọ́n sì lè fi orin dá yín dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, torí náà tí bánkì yín bá ní ibi ìfọ̀rọ̀wérọ̀ nínú áàpù, ẹ kọ́kọ́ gba ibẹ̀ lọ.

Tẹ́ ẹ bá ti rí èèyàn bá sọ̀rọ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí bí ìyà ṣe jẹ yín. Ẹ sọ ọ́ báyìí: "Ẹ jọ̀ọ́, ìlú báyìí ni mo wà, káàdì mi tó parí sí báyìí kọ̀ ní aago báyìí, iye báyìí ni mo fẹ́ san. Ṣé ìdènà jìbìtì wà lórí ẹ̀? Èmi ni mò ń lò ó, mo wà níbí títí di ọjọ́ báyìí." Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn káàdì nìkan ni kẹ́ ẹ sọ. Wọ́n á bi yín ní ohun bíi ọjọ́ ìbí àti ìnáwó tẹ́ ẹ ṣe gbẹ̀yìn, ẹ ti ṣí ìwé àkáǹtì yín sílẹ̀. Ìbéèrè méjì kan wà tí ẹ ò gbọdọ̀ fi fóònù sílẹ̀ láìbi wọ́n. Àkọ́kọ́: ṣé gbogbo káàdì lẹ ṣí àbí ìnáwó kan yìí nìkan? Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣí, lọ́la ẹ máa tún pè wọ́n. Ìkejì: ṣé ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo wà níbí títí di ọjọ́ tí mo dá? Kẹ́ ẹ sì gba nọ́ńbà ẹjọ́ yẹn lọ́wọ́ wọn, kó má di pé ẹ tún ń rò ó látòkèdélẹ̀ fún ẹlòmíì.

Ká mú ẹnì kan bí àpẹẹrẹ

Ẹ jẹ́ ká sọ pé àǹtí kan tó ń ta aṣọ ní Balógun lọ kó ọjà ní Laleli ní Istanbul, ibẹ̀ kúkú ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta aṣọ Tọ́kì l'Ékòó ti ń rà á. Káàdì dọ́là ló mú dání, owó tó wà nínú dọ́ọ̀mù ẹ̀ jẹ́ 3,000 dọ́là. Ó dé hòtẹ́ẹ̀lì lálẹ́, owó ọjọ́ mẹ́rin jẹ́ 240 dọ́là, káàdì kọ̀, rìsíìtì ní 57. Káàdì yìí ò tíì ṣiṣẹ́ níbì kankan látìgbà tó ti balẹ̀. Ó ṣí áàpù nínú wáìfáì hòtẹ́ẹ̀lì, ó rí i pé Web wà ní títàn torí pé ó fi ra tíkẹ́ẹ̀tì, POS àti ATM wà ní pípa. Kóòdù wọlé torí pé ó ti tan róómíìnì l'Ékòó, ó tan méjèèjì, ó ra omi nísàlẹ̀, ó gbà, ó san owó hòtẹ́ẹ̀lì.

Lọ́jọ́ kejì ó bọ́ sọ́jà. Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, 180 dọ́là, ó wọlé. Ìkejì, 210, ó wọlé. Ìkẹta, 950, ó kọ̀, 59. Bọ́tìnnì ò lè jẹ́ o, torí pé POS ti gba owó lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yẹn. Ó wá rántí pé nọ́ńbà káàdì yìí kan náà wà lọ́wọ́ ọmọ òun nílé, ọmọ yẹn sì ti fi san owó fíìmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Surulere ní nǹkan bí wákàtí kan sẹ́yìn. Ẹ fojú ẹ̀rọ wò ó: káàdì kan wà l'Ékòó àti Istanbul lọ́wọ́ọ̀wọ́, ó wá ń gbìyànjú owó tó ju ìlọ́po mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sí bí kò ṣe ní fura. Ó pe bánkì, ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ òun ló wà nílé, wọ́n ṣí i.

Ó tún fi 950 sí i, ó tún kọ̀. Ẹlòmíì á ti gbà pé bánkì parọ́ fóun. Ó wo rìsíìtì, kì í ṣe 59 mọ́, 61 ni. Bánkì ẹ̀ ò gbà kí POS ná ju 1,000 dọ́là lọ lọ́jọ́ kan, 180 pẹ̀lú 210 pẹ̀lú 950 sì ti di 1,340. Ẹ rí i pé ìdí ti yàtọ̀, kò sídìí láti tún pe ẹnikẹ́ni. Ohun tó kù fún lónìí jẹ́ 610, ó fi san 600, ó bẹ ọlọ́jà pé kó bá òun tọ́jú ọjà títí di ọ̀la kóun wá san 350 tó kù. Ó tún lè wọ áàpù lọ gbé gbèdéke sókè tí bánkì ẹ̀ bá gbà á láyè. Ohun kan tó ṣe dáadáa ni pé kò ju rìsíìtì kankan nù. Nígbà míì káàdì á kọ̀ ṣùgbọ́n álẹ́ẹ̀tì á wọlé pé wọ́n ti yọ owó, nọ́ńbà gígùn tí wọ́n kọ "RRN" sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lórí rìsíìtì ni bánkì máa fi wá owó yẹn kàn. Láìsí i, wọ́n á kàn máa ní kẹ́ ẹ ní sùúrù ni.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nílé kẹ́ ẹ tó lọ

Róómíìnì ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, ó tiẹ̀ ju káàdì fúnra ẹ̀ lọ. Síìmù tó so mọ́ àkáǹtì yín ni kẹ́ ẹ ṣí róómíìnì sí, l'Ékòó tàbí n'Ìbàdàn níbi tẹ́ ẹ wà, kẹ́ ẹ sì fi kírẹ́díìtì sórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ra síìmù ìlú yẹn débẹ̀, ẹ má yọ ti Nàìjíríà jù sínú báàgì, ẹ fi sínú ihò kejì fóònù, ẹ pa dátà ẹ̀ nìkan kí owó má baà jò dànù. Ẹ má sì gbé áàpù bánkì sórí fóònù tuntun ní ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń lọ o, ọ̀pọ̀ bánkì ló máa ń dín ohun tẹ́ ẹ lè ṣe kù fún ìgbà díẹ̀ tí wọ́n bá rí fóònù tí wọn ò mọ̀.

Ọjọ́ méjì kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ tan bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ wo gbèdéke ojúmọ́, ẹ fi ìrìn àjò yín tó bánkì létí nínú áàpù tàbí lórí íméèlì. Kì í ṣe gbogbo bánkì ló ń béèrè ẹ̀, àwọn kan ní Bìrìtéènì tiẹ̀ máa ń sọ fún àwọn èèyàn wa tó ń bọ̀ wálé ní Dìsẹ́ńbà pé kò pọn dandan, ẹ̀rọ àwọn á mọ̀ fúnra ẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ tó wà lákọsílẹ̀ máa ń mú ìpè yẹn yá. Ẹ kọ nọ́ńbà +234 bánkì sínú ìwé, torí pé káàdì tí ATM bá gbé mì, nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀ ti bá a lọ nìyẹn. Kẹ́ ẹ mú káàdì kejì dání láti bánkì míì, kì í ṣe káàdì kejì láti bánkì kan náà, ìfura kan lè di méjèèjì pa. Owó dọ́là díẹ̀ lọ́wọ́ tó máa tó hòtẹ́ẹ̀lì alẹ́ kan àti takisí náà ò burú.

Tẹ́ ẹ bá padà dé, ẹ wọ áàpù kẹ́ ẹ pa ATM àti POS ti òkè òkun. Ti Web ni kẹ́ ẹ rò dáadáa kẹ́ ẹ tó pa á: tó bá jẹ́ pé káàdì yẹn ló ń san owó fíìmù tàbí owó ibi ìkó-nǹkan-pamọ́ fóònù yín lóṣooṣù, ilé iṣẹ́ òkè òkun ló ń gbà á, tẹ́ ẹ bá pa á, oṣù tó ń bọ̀ owó yẹn ò ní lọ.